Ààlà òkè, supirẹ́mọ̀mù tàbí ọmọ tó tóbi jù: èwo ni kí ẹ mú?

Ẹ wo àkójọ nọ́ńbà yìí: 1/2, 2/3, 3/4, 4/5, 5/6, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ láìdúró. n/(n+1) ni fọ́múlà rẹ̀, n sì dúró fún 1, 2, 3 àti gbogbo odidi nọ́ńbà tó tẹ̀ lé wọn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní A, kí a sì máa pe nọ́ńbà tó bá wà nínú rẹ̀ ní ọmọ A.

Tí mo bá bi èèyàn mẹ́ta pé, "Ibo ni A parí sí lókè?", ẹni kìíní lè sọ pé A kò lè kọjá 5. Ẹnì kejì á ní kò lè kọjá 1. Ẹnì kẹta á ní òun wá ọmọ A tó tóbi ju gbogbo ìyókù lọ, òun kò rí i. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbà á. Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dáhùn, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn kò fi tako ara wọn: ẹni kìíní mú ààlà òkè wá, ẹnì kejì mú supirẹ́mọ̀mù, ẹnì kẹta sì ń wá ọmọ tó tóbi jù.

Bí mo ṣe rí i, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì. Wọ́n mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá dé iwájú wọn, wọn kì í mọ èyí tí iṣẹ́ náà ń béèrè. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ààlà òkè: èyí tó rọrùn jù láti rí

Nọ́ńbà M jẹ́ ààlà òkè fún àkójọ kan tí kò bá sí ọmọ kankan nínú àkójọ náà tó tóbi ju M lọ. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. M lè wà nínú àkójọ, ó sì lè wà níta. Ó lè fara kan ọmọ tó ga jù, ó sì lè jìnnà sí i pátápátá. Fún A, 5 jẹ́ ààlà òkè, 100 náà jẹ́ ààlà òkè, 1 pẹ̀lú jẹ́ ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ ni pé nọ́ńbà tó wà lókè nínú n/(n+1) máa ń fi ẹyọ kan kéré sí èyí tó wà nísàlẹ̀, nítorí náà kò sí èyí nínú wọn tó lè tó 1.

Ààlà ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan náà tí a yí kọjú sísàlẹ̀: nọ́ńbà m tí kò sí ọmọ àkójọ tó kéré sí i. Fún A, −3 jẹ́ ààlà ìsàlẹ̀, 0 náà jẹ́ ọ̀kan, 1/2 pẹ̀lú jẹ́ ọ̀kan.

Gbàrà tí ẹ bá ti rí ààlà òkè kan, àìlóǹkà ló ti wà lọ́wọ́ yín, torí pé nọ́ńbà èyíkéyìí tó bá ga ju èyí tí ẹ rí lọ náà jẹ́ ààlà òkè. Ìyẹn ló mú kí ààlà òkè rọrùn láti rí, òun náà ló sì mú kí ó má sọ ohun púpọ̀ fún wa. Ẹni tó sọ pé A kò kọjá 100 kò purọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ká mọ ibi tí A wà gan-an.

Ìgbà wo wá ni ààlà òkè lásán tó? Ó tó nígbà tí ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ mọ̀ bá jẹ́ pé àkójọ kò sá lọ sókè láìlópin. Ká ní wọ́n ní kí ẹ fi hàn pé àwọn nọ́ńbà kan kò kọjá ibì kan, ẹ má wulẹ̀ lo wákàtí kan láti wá ibi tí wọ́n parí sí gẹ́lẹ́. Ẹ mú nọ́ńbà ńlá tó rọrùn fún yín, kí ẹ fi hàn pé kò sí ọmọ tó ré e kọjá, iṣẹ́ ti parí. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi hàn pé nọ́ńbà kan *kì í ṣe* ààlà òkè, ọmọ kan ṣoṣo tó ré e kọjá ti tó. Ẹnì kan ní 0.8 ni ààlà òkè fún A? Ẹ fi 5/6 hàn án, tí í ṣe 0.833 àti díẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí.

Ìfiwéra ní ìdúró kan

| Ìbéèrè | Ààlà òkè | Supirẹ́mọ̀mù | Ọmọ tó tóbi jù |
|---|---|---|---|
| Mélòó ló lè wà? | Tí ọ̀kan bá wà, àìlóǹkà ló wà | Ẹyọ kan péré | Ẹyọ kan péré |
| Ṣé dandan ni kó wà nínú àkójọ? | Rárá | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni |
| Ìgbà wo ni kì í sí? | Nígbà tí àkójọ bá ń lọ sókè láìlópin | Nígbà tí kò bá sí ààlà òkè, tàbí tí àkójọ bá ṣófo | Ó lè máà sí, kódà kí supirẹ́mọ̀mù wà |
| Báwo la ṣe ń kọ ọ́? | x ≤ M fún gbogbo x nínú A | sup A | max A |
| Kí ni ti A tiwa? | 1, 5, 100 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ | 1 | Kò sí |

Ẹ pààrọ̀ òkè sí ìsàlẹ̀, ẹ ó rí ààlà ìsàlẹ̀, ínfímọ̀mù (inf A) àti ọmọ tó kéré jù (min A). Ìlà tó kẹ́yìn nìkan ni ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀, a ó sì padà sí i.

Supirẹ́mọ̀mù: ààlà òkè tí a kò lè rẹ̀ sílẹ̀ mọ́

Nínú gbogbo ààlà òkè tí àkójọ kan ní, èyí tó kéré jù ni supirẹ́mọ̀mù rẹ̀. Bákan náà, nínú gbogbo ààlà ìsàlẹ̀, èyí tó tóbi jù ni ínfímọ̀mù. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé a ṣì í sọ: kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òkè la ń sọ, tá a wá ń wá èyí tó *kéré* jù? Ẹ fojú inú wo òrùlé tí ẹ ń rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn ọmọ àkójọ. Ibi tí kò ti lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́ láìtẹ ẹnikẹ́ni lórí, ibẹ̀ ni supirẹ́mọ̀mù.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú fífi hàn pé s ni sup A, ẹ kò sì lè ṣe ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Àkọ́kọ́, kí ẹ fi hàn pé s jẹ́ ààlà òkè. Èkejì, kí ẹ fi hàn pé ohunkóhun tó bá kéré sí s, bó ti wù kí ìyàtọ̀ náà kéré tó, kì í ṣe ààlà òkè mọ́. A máa ń fi lẹ́tà ε dúró fún ìyàtọ̀ kékeré yẹn. Nítorí náà, iṣẹ́ kejì ni pé fún ε èyíkéyìí tó ju 0 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ rí ọmọ A kan tó tóbi ju s − ε lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún A, kí s jẹ́ 1. A ti ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ lókè: n/(n+1) kò lè tó 1. Ó ku èkejì.

Ká ní ẹnì kan dìde, ó ní, "Èmi kò gbà. 0.99 ti tó gẹ́gẹ́ bí ààlà òkè." ε tirẹ̀ ni 0.01. A wá ọmọ A tó ré 0.99 kọjá. Tí n bá jẹ́ 99, 99/100 ni a ó rí, èyí sì jẹ́ 0.99 gẹ́lẹ́, kò ré e kọjá. Tí n bá jẹ́ 100, 100/101 ni, tí í ṣe 0.990099 àti díẹ̀. Ó ti ré e kọjá. Onítọ̀hún tún gbìyànjú, ó ní 0.999. A fún un ní 1000/1001, tí í ṣe 0.999000999 àti díẹ̀. Ó lè máa bá a lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n a kò ní máa dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó dáhùn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan:

Ẹ kíyè sí i pé n/(n+1) jẹ́ 1 − 1/(n+1). Kí ó tó tóbi ju 1 − ε lọ, 1/(n+1) gbọ́dọ̀ kéré sí ε, ìyẹn ni pé n + 1 gbọ́dọ̀ tóbi ju 1/ε lọ. Odidi nọ́ńbà kò sì lópin. Kò sí bí 1/ε ṣe lè tóbi tó tí a kò ní rí odidi nọ́ńbà tó jù ú lọ. A mú n bẹ́ẹ̀, a ti rí ọmọ tí à ń wá. Sup A jẹ́ 1.

Ẹ wo ibi tí agbára ẹ̀rí yẹn wà: ó wà nínú pé odidi nọ́ńbà kò ní ààlà òkè. Àwọn onímọ̀ ìṣirò fi orúkọ Akimẹ́dìsì pe ohun-ìní yìí. Ẹni tó bá kàn kọ "bí n ṣe ń tóbi, ó ń sún mọ́ 1" sílẹ̀ ti sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fi ohunkóhun hàn.

Àṣìṣe kan wà tí mo máa ń rí níbí, ó sì máa ń fara pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ pé, "ọmọ A kan wà tó ju 1 − ε lọ fún gbogbo ε." Ó jọ ohun tá a sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ohun tó kọ túmọ̀ sí pé ọmọ kan ṣoṣo ló wà tó ń ṣẹ́gun gbogbo ε pa pọ̀, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó 1, A kò sì ní in. Ẹni tó ń jiyàn ló ń kọ́kọ́ mú ε wá. Ìgbà náà la tó lọ wá ọmọ tó bá a mu. ε yí padà, ọmọ náà yí padà: 100/101 fún 0.01, 1000/1001 fún 0.001. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rí yín ti ṣubú sínú ọ̀fìn yìí, ẹ wò ó bóyá n tí ẹ mú ní ε nínú. Tí kò bá ní, tí sup náà kò sì sí nínú àkójọ, nǹkan ti bàjẹ́ níbì kan.

Supirẹ́mọ̀mù tàbí ọmọ tó tóbi jù?

Ọmọ tó tóbi jù gbọ́dọ̀ ṣe ohun méjì pa pọ̀: kó jẹ́ ààlà òkè, kó sì wà nínú àkójọ. Níbi tí ó bá ti wà, òun náà ni supirẹ́mọ̀mù, torí pé òrùlé kò lè sọ̀ kalẹ̀ kọjá orí rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé sup A jẹ́ ọmọ A?

Fún A tiwa, a ó béèrè bóyá n kan wà tí n/(n+1) fi jẹ́ 1. Tó bá wà, n á jẹ́ n + 1, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀. Nítorí náà A kò ní ọmọ tó tóbi jù, ẹni tó bá sì kọ "max A = 1" ti kọ ohun tí kò sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà tó kọ ni nọ́ńbà tó yẹ.

Nísàlẹ̀ A ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yàtọ̀. 1/2 wà nínú A, gbogbo ìyókù sì tóbi jù ú lọ, torí pé bí n bá ṣe ń pọ̀ ni ohun tí à ń yọ kúrò lára 1 ń dín kù. Inf A jẹ́ 1/2, min A náà sì jẹ́ 1/2. Àkójọ kan náà ní ọmọ tó kéré jù, kò sì ní èyí tó tóbi jù. Kò sí òfin tó ní kí òkè àti ìsàlẹ̀ jọra.

Láàárín 0 àti 1 lórí ìlà nọ́ńbà, ẹ ó rí oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí a bá ka 0 àti 1 mọ́ ọn, [0, 1], ó ní ọmọ tó tóbi jù àti ọmọ tó kéré jù. Tí a bá yọ àwọn méjèèjì kúrò, (0, 1), kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Tí a bá yọ ọ̀kan ṣoṣo, ó ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sup jẹ́ 1, inf sì jẹ́ 0. Ìdí tí a fi nílò ọ̀rọ̀ náà nìyí: supirẹ́mọ̀mù kì í mi nítorí pé a yọ etí àkójọ kúrò, ọmọ tó tóbi jù sì máa ń pòórá.

Tí àkójọ bá ní ọmọ níwọ̀n, ká ní 4, 9, −2 àti 7, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ọmọ tó tóbi jù máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ kọ max, ẹ kọjá.

Supirẹ́mọ̀mù tàbí ibi tí àwọn nọ́ńbà ń lọ?

Àpẹẹrẹ A lè ti kọ́ yín ní ohun tí kò dára láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Nínú A, sup ni nọ́ńbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sún mọ́. Ó rọrùn láti rò pé bó ṣe máa ń rí níbi gbogbo nìyẹn. Ẹ wo àkójọ C yìí, tí fọ́múlà rẹ̀ jẹ́ (−1)ⁿ(1 + 1/n):

n = 1 fún wa ní −2. n = 2 fún wa ní 3/2. n = 3 fún wa ní −4/3. n = 4 fún wa ní 5/4. Lẹ́yìn náà −6/5, 7/6, bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó wà lókè 0 ń sún mọ́ 1, àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń sún mọ́ −1. Mo ti rí ẹni tó kọ sup C = 1 àti inf C = −1 láìbojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n 1 kì í ṣe ààlà òkè rárá! 3/2 wà nínú C, ó sì ju 1 lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ C ń *sọ̀ kalẹ̀* sórí 1. Wọ́n ti kọ́kọ́ lọ sókè kí wọ́n tó máa bọ̀. Sup C jẹ́ 3/2, ó sì jẹ́ ọmọ C. Inf C jẹ́ −2, òun náà jẹ́ ọmọ C.

Supirẹ́mọ̀mù kì í bìkítà nípa ètò tí àwọn nọ́ńbà gbà wọlé. Ẹ da gbogbo wọn sórí ìlà nọ́ńbà, ẹ gbàgbé ẹni tó kọ́kọ́ dé, kí ẹ sì wo ibi tí òrùlé dúró. Ìgbà tí àwọn nọ́ńbà bá ń gòkè nìkan láìsọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kankan, bíi ti A, tí wọ́n sì ní ààlà òkè, ni ibi tí wọ́n ń lọ àti supirẹ́mọ̀mù wọn á jẹ́ ọ̀kan náà dájú. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ sup sílẹ̀, ẹ kọ ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́ jáde. Ìṣẹ́jú kan ni, ó sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ àṣìṣe yìí.

Ínfímọ̀mù: ṣé ká tún gbogbo rẹ̀ ṣe ni?

Ẹ lè ṣe é tààrà. Iṣẹ́ méjì náà ni: kí ẹ fi hàn pé nọ́ńbà náà jẹ́ ààlà ìsàlẹ̀, kí ẹ sì rí ọmọ tó kéré sí nọ́ńbà náà + ε fún ε èyíkéyìí tó ju 0 lọ. Fún àkójọ 1, 1/2, 1/3, 1/4 àti àwọn tó tẹ̀ lé e, inf jẹ́ 0: kò sí èyí tó kéré sí 0, bí ẹnì kan bá sì mú ε wá, a mú n tó ju 1/ε lọ, 1/n á sì kéré sí ε.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ yí àkójọ náà padà bí ẹni ń wo dígí. Ẹ fi àmì ìyọkúrò sí iwájú gbogbo ọmọ rẹ̀, ẹ pe àkójọ tuntun náà ní −A, ẹ wá sup rẹ̀, kí ẹ sì yí àmì rẹ̀ padà. Ní fọ́múlà:

inf A = −sup(−A)

Èmi fẹ́ràn ọ̀nà kejì yìí fún ẹ̀rí, torí pé ohunkóhun tí ẹ bá ti fi hàn nípa sup ti di ti inf lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ìṣirò àkójọ kan ṣoṣo, ọ̀nà tààrà yá jù. Ewu tó wà nínú yíyípadà ni pé àwọn èèyàn máa ń gbàgbé pé àmì ìyọkúrò ń dojú gbogbo nǹkan dé. Ká ní ẹ sọ gbogbo ọmọ A di ìlọ́po −2. Sup àkójọ tuntun kì í ṣe −2 × 1; −2 × 1/2 ni, tí í ṣe −1. Ínfímọ̀mù àtijọ́ ló di supirẹ́mọ̀mù. Ẹ fi 1/2 àti 2/3 dán an wò: wọ́n di −1 àti −4/3, −1 ló sì wà lókè.

Ibi tí supirẹ́mọ̀mù kò ti sí

Àkójọ tó ń lọ sókè láìlópin, bíi 2, 4, 6, 8, kò ní ààlà òkè, nítorí náà kò lè ní èyí tó kéré jù nínú wọn. Àwọn kan máa ń kọ sup = ∞. Kò burú, kí a ṣáà mọ̀ pé ∞ jẹ́ àmì níbẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà. Àkójọ tó ṣófo náà kò ní, ṣùgbọ́n ìdí tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: kò sí ọmọ tó lè ré nọ́ńbà kankan kọjá, nítorí náà *gbogbo* nọ́ńbà ló jẹ́ ààlà òkè fún un, wọn kò sì ní èyí tó kéré jù.

Èyí tó dùn jù ni èyí tó kàn. Ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé ìdá nìkan ló wà láyé, ìyẹn odidi nọ́ńbà lórí odidi nọ́ńbà. Ẹ mú gbogbo ìdá q tó ju 0 lọ tí q² fi kéré sí 2. Ẹ pè é ní D. D kò ṣófo, 1 wà nínú rẹ̀. Ó ní ààlà òkè, 3/2 jẹ́ ọ̀kan, torí pé (3/2)² jẹ́ 9/4, ó sì ju 2 lọ. Kí wá ni ààlà òkè tó kéré jù láàárín àwọn ìdá?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí b = 3/2. Ẹ ṣírò (b + 2/b)/2. 2/b jẹ́ 4/3. Àròpọ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ 17/6. Ìlàjì rẹ̀ jẹ́ 17/12. Ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 289/144, ó sì fi 1/144 ju 2 lọ. Nítorí náà 17/12 ṣì jẹ́ ààlà òkè, ó sì kéré sí 3/2. Ẹ tún un ṣe láti orí 17/12: 577/408 ni ẹ ó rí. 577² jẹ́ 332929, ìlọ́po méjì 408² sì jẹ́ 332928. Ó ṣì ga ju 2 lọ, pẹ̀lú 1/166464 péré, ó sì tún kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Kò ní tán. Tí b² bá ti ju 2 lọ, 2/b kéré sí b, nítorí náà nọ́ńbà tó wà ní àárín àwọn méjèèjì kéré sí b. Tí a bá sì yọ 2 kúrò nínú ìlọ́po ara nọ́ńbà tuntun náà, ((b − 2/b)/2)² ló ń ṣẹ́ kù, ìyẹn sì ju 0 lọ nígbà gbogbo. Ìdá kankan tó jẹ́ ààlà òkè fún D kò lè sọ pé òun ló kéré jù, torí pé a ó rí òmíràn lábẹ́ rẹ̀. Ìdá tó wà nínú D fúnra rẹ̀ kò sì lè jẹ́ ààlà òkè: ẹ mú 4/3, ẹ yí i sí 2/(4/3), tí í ṣe 3/2, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 17/12, kí ẹ sì tún yí i padà, ẹ ó bá 24/17, tó tóbi ju 4/3 lọ, tó sì ṣì wà nínú D. Ìdá tí ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 2 gẹ́lẹ́ kò sì sí. Láàárín àwọn ìdá, D kò ní supirẹ́mọ̀mù. Òrùlé ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì rí ibi gúnlẹ̀ sí.

Ẹ fi gbogbo nọ́ńbà orí ìlà nọ́ńbà kún un, √2 á sì dí ihò yẹn: sup D = √2. Bernard Bolzano ti lo òye yìí ní 1817, nígbà tó ń wá ẹ̀rí pé fọ́ńṣọ̀n tí kò já, tó kúrò nísàlẹ̀ 0 lọ sókè rẹ̀, gbọ́dọ̀ kan 0 lọ́nà. Ní 1872, Richard Dedekind gbé ọ̀nà kan jáde tó fi ìdá kọ́ gbogbo nọ́ńbà orí ìlà, láìsí ihò kankan tó kù. Lónìí, òfin náà ni pé láàárín àwọn nọ́ńbà orí ìlà, àkójọ èyíkéyìí tí kò ṣófo, tó sì ní ààlà òkè, ní supirẹ́mọ̀mù. Ohun méjì ló béèrè, ẹ yẹ àwọn méjèèjì wò kí ẹ tó kọ lẹ́tà "sup" sílẹ̀. Tí iṣẹ́ bá sì sọ pé inú ìdá ni kí ẹ dúró sí, òfin yìí kò sí fún yín.

Ó ku ìṣirò kan: ṣé ẹ lè ro sup méjì pọ̀?

Ó dá lórí ohun tí ẹ ń rò pọ̀. Tí ẹ bá mú ọmọ àkójọ kan, tí ẹ rò ó mọ́ ọmọ àkójọ mìíràn, tí ẹ sì ṣe é fún gbogbo méjì-méjì tó lè wà, sup àkójọ tuntun jẹ́ àròpọ̀ sup méjèèjì. Kálukú dá yan ọmọ tirẹ̀, nítorí náà kálukú lè sún mọ́ òrùlé tirẹ̀.

Fọ́ńṣọ̀n kò fún yín ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Ẹ mú f(x) = x àti g(x) = 1 − x, kí x wà láàárín 0 àti 1, kí a sì ka àwọn méjèèjì mọ́ ọn. Sup f jẹ́ 1, sup g jẹ́ 1, àròpọ̀ wọn jẹ́ 2. Ṣùgbọ́n f(x) + g(x) jẹ́ 1 níbi gbogbo, nítorí náà sup (f + g) jẹ́ 1. f dé òrùlé tirẹ̀ nígbà tí x jẹ́ 1, g dé tirẹ̀ nígbà tí x jẹ́ 0, x kan náà kò sì lè wà níbi méjèèjì. Níbí, ohun tí ẹ lè kọ kò ju sup (f + g) ≤ sup f + sup g lọ. Ní ti ínfímọ̀mù, àmì náà yí padà: inf f àti inf g jẹ́ 0, àròpọ̀ wọn jẹ́ 0, inf (f + g) sì jẹ́ 1, tó ga jù ú lọ.